Àyè Tí Àmín Yóò Jókòó Sí

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ lẹ́nu iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́, ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń dún bí ìgbà tí a bá ń rọra da oyin sínú àwo tánganran, a máa gba bébà tí mo bá kọ ọ̀rọ̀ mi sí lọ́wọ́ mi, a sì máa fi bírò pupa fa igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ọ̀rọ̀, igi kan níbi tí ó fẹ́ kí n ti mí díẹ̀, igi méjì níbi tí ó fẹ́ kí n ti dákẹ́ jẹ́ẹ́, a sì máa wí fún mi pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹni tí ń gbọ́ ọ nílé ń dá ọ lóhùn, ìwọ ni o kò jẹ́ kó ráyè." Mo gba igi pupa náà bí ọmọṣẹ́ ti í gba àṣẹ ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yé mi dénú títí mo fi fẹ̀yìntì, tí àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ mí wá nígbà ọdún pé kí n bá àwọn kọ ohun tí àwọn yóò sọ sínú fóònù ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wọn.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun bí a bá wò ó dáadáa. Àwọn baba wa mọ akọ̀wé létà, ọkùnrin tí í jókòó síta ilé ìfìwéránṣẹ́ pẹ̀lú tábìlì kékeré, tí ẹni tí kò mọ̀wé yóò máa sọ tẹnu rẹ̀ fún, tí òun náà yóò sì máa sọ ọ́ di ìwé fún un. Lẹ́yìn èyí ni rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì gbòde, tí ìyá, bàbá, àna àti alájọgbé yóò jókòó yí i ká ní pálọ̀, tí wọn yóò gba ohùn gbogbo ilé sílẹ̀ sójú kásẹ́ẹ̀tì kan, tí wọn yóò sì fi rán ẹni tí ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Kásẹ́ẹ̀tì ni bàbá fọ́ìsì-nóòtì tí Wasáàpù kó sínú fóònù wa ní ọdún 2013, ṣùgbọ́n ọmọ kò jọ bàbá tó bẹ́ẹ̀. Ojú kan kásẹ́ẹ̀tì tí ó wọ́pọ̀ jù a máa gba ohùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àwọn tí ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ kò sì kánjú. Wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹnì kan á bú sẹ́kún, àkùkọ á kọ lẹ́yìnkùlé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ti fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Ìka wà lórí bọ́tìnì, nọ́ńbà ń sáré lójú rẹ̀, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sì rò pé ìgbà tí òun bá yára parí rẹ̀ ni ó dára, nítorí náà ó ń da ọ̀rọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí ń da àgbàdo sínú àpò.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi ná, kí n tó máa kọ́ ẹlòmíràn. Obìnrin kan wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ aládùúgbò mi, tí ìyá wọn sì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí Iléyá ń bọ̀, ó pè mí, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ ohun tí n ó fi kí Màámi kú ọdún, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ni ahọ́n mi ń dì." Ó tún ní ìròyìn ayọ̀ kan tí ó fẹ́ fi kún un: òun, ọkọ òun àti àwọn ọmọ òun yóò wá sílé ní oṣù Kejìlá, lẹ́yìn ọdún méje tí ìyá náà ti fojú kàn wọ́n kẹ́yìn. Mo kọ ọ́ fún un. Mo sì kọ ọ́ bí mo ti fẹ́ràn láti máa kọ ọ̀rọ̀, báyìí:

"Ẹ̀yin ìyá mi ọ̀wọ́n, mo fi àsìkò yìí kí yín kú ọdún Iléyá, pẹ̀lú àdúrà pé kí Ọlọ́run kí ó fún yín ní ẹ̀mí gígùn, àlàáfíà tí ó péye, ìfọ̀kànbalẹ̀ àti ayọ̀ tí kò lópin, kí ó sì jẹ́ kí ẹ ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ lókè eèpẹ̀, kí ó sì dá ẹ̀mí èmi náà sí, nítorí pé èmi àti ọkọ mi àti àwọn ọmọ ti pinnu láti wá kí yín ní oṣù Kejìlá ọdún yìí."

Lójú ìwé, kò sí ohun tí ó ṣe ọ̀rọ̀ yìí. Ó kà á láìdánu dúró, ó fi ránṣẹ́, ó sì jókòó ti fóònù rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ kígbe ayọ̀. Igbe kò dé. Ìdúpẹ́ ni ó dé, àdúrà ni ó dé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu ba oṣù Kejìlá. Ní ọjọ́ kejì ó pè mí pẹ̀lú ohùn ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, ó ní ó dà bí ẹni pé inú ìyá òun kò dùn sí bíbọ̀ àwọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ ìyá wọn láago, ọmọ-ọmọ tí ó di fóònù mú fún ìyá àgbà náà ni ó sì ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá ti gbọ́ "ẹ̀mí gígùn" ni ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, tí ó ń wí pé, "Àmín, Àmín láṣẹ Ọlọ́run, àti ẹ̀yin náà," bẹ́ẹ̀ ni kò sì dákẹ́ mọ́, nítorí àdúrà kò dákẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ oṣù Kejìlá ń kọjá, Àmín ni ó wà lẹ́nu rẹ̀ àti lẹ́nu gbogbo àwọn tí ó yí i ká. Ìrù gbólóhùn náà nìkan ni ó tà sí i létí, ó sì ti sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọmọ òun gbàdúrà kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí àwọn sí di oṣù Kejìlá.

Ọjọ́ yẹn ni igi pupa ọ̀gá mi yé mi. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé ìdánudúró jẹ́ ti ẹni tí ń sọ̀rọ̀, kí ó lè mí, kí ó lè gbé itọ́ mì. Kò rí bẹ́ẹ̀ láàárín àwa Yorùbá. Ìkíni wa kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí a bá kí ènìyàn, a ti yá a ní ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́dọ̀ san padà lójú ẹsẹ̀, àdúrà tí kò bá sì sí ẹni tí yóò ṣe Àmín sí i dà bí obì tí a nà sí ènìyàn tí kò rí ẹni gbà á. Ẹni tí ń gbọ́ ohùn wa nínú fóònù mọ̀ dájú pé ẹ̀rọ ni òun ń gbọ́, síbẹ̀ yóò dáhùn, àgàgà bí ó bá jẹ́ àgbà. Bí a kò bá fi àyè sílẹ̀ fún ìdáhùn náà, yóò gba àyè fún ara rẹ̀, orí ọ̀rọ̀ wa tí ó kàn ni yóò sì jókòó lé.

Nítorí náà, bí mo bá ń kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí, ohùn méjì ni mo ń kọ. Mo ń kọ ti ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ pẹ̀lú bírò dúdú, mo sì ń kọ ti ẹni tí yóò gbọ́ ọ pẹ̀lú bírò pupa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó bá di pé kí a gba ohùn sílẹ̀, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ yóò ka ti dúdú síta, yóò sì ka ti pupa sínú ikùn ara rẹ̀, ní ìwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ń gbọ́ ọ yóò fi sọ ọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ gbọ́dọ̀ bá ẹnu ẹni mu. Àmín kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo: ọ̀dọ́ a máa sọ Àmín kan péré, kò sì tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyá arúgbó wa ti Ìjẹ̀bú yẹn, ìṣẹ́jú àáyá 3 ni "Àmín, Àmín láṣẹ Ọlọ́run" ń gbà lẹ́nu rẹ̀, onígbàgbọ́ tí í ṣe Àmín ní orúkọ Jésù yóò gbà tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń ṣe Àṣẹ kì í pẹ́, ṣùgbọ́n yóò ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Mo máa ń bi ẹni tí ó bẹ̀ mí níṣẹ́ léèrè pé, "Báwo ni màmá yín ṣe ń ṣe Àmín?" Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n á sín in jẹ, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti ń mú ìwọ̀n mi.

Ìdí kejì tí ọ̀rọ̀ fi gbọ́dọ̀ kúrú wà nínú èdè fúnra rẹ̀. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni èdè wa ń gùn, ṣùgbọ́n òkè ti ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ga ju òkè ti ìparí rẹ̀ lọ, nítorí pé gbogbo ìgbà tí a bá sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ tí a tún fẹ́ gòkè, a kì í gòkè dé ibi tí a ti sọ̀, bí ẹni tí ń ti orí ọ̀pẹ bọ̀ tí ó ń yọ igbà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí gbólóhùn bá gùn jù, tí èémí sì ń tán lọ, ohùn yóò ti wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkè àti ìsàlẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọgba, àwọn ọ̀rọ̀ tí ohùn nìkan ya ara wọn sọ́tọ̀ yóò sì máa dún bákan náà. Ẹ gbàdúrà fún àgbàlagbà pé yóò lo igba ọdún láyé, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ náà sí ìparí gbólóhùn gígùn: fóònù kékeré tí a gbé sórí àga yóò máa sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ bóyá igba ni, tàbí igbá, tàbí ìgbà. Ìdánudúró ni í dá ohùn padà sórí ọ̀pẹ. Èmi tí mo ń kọ èyí, gbólóhùn gígùn ni mo fẹ́ràn, ẹ̀yin náà ti rí i. Ṣùgbọ́n ojú ni ẹ fi ń ka tèmi yìí, bí ó bá sì rú yín lójú, ẹ lè padà sẹ́yìn. Ìyá arúgbó kò mọ bí a ṣe ń dá fóònù padà sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, nígbà tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú aṣọ tirẹ̀, ń lọ kí Awùjalẹ̀, ìyá náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí kì í jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá lórí àga. Mo sọ fún obìnrin náà pé a óò tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe lóru, kí ó lè dé etí ìyá rẹ̀ ní òwúrọ̀ Ojúde Ọba, kí ìyá tó jáde. Ohun tí mo kọ nìyí. Èyí tí ó wà nínú àkámọ́ ni ti bírò pupa, tí kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu:

Màámi. (Hùn-ún.)
Ẹ kú ọdún o. (A kú ọdún, ọmọ mi.)
Ẹ kú ìyèdún. (Àmín o.)
Èmi àkọ́bí yín obìnrin ni. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. (Dìde, ọmọ mi, dìde.)
Ṣé ẹ ti múra Ojúde Ọba tán? (Ẹ̀rín. Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn.)
Ọdún á yabo, Màámi. (Àmín, Àmín láṣẹ Ọlọ́run.)
Ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. (Àmín, Àmín láṣẹ Ọlọ́run.)
Lámọ́dún, a ò ní í wá yín tì. (Àmín, Àmín láṣẹ Ọlọ́run.)
Ó ku ọ̀rọ̀ kan. (Hẹn?)
Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. (Mò ń gbọ́.)
À ń bọ̀ wálé. (Ẹ dákẹ́.)
Èmi, bàbá àwọn ọmọ, tòun tàwọn ọmọ, gbogbo wa là ń bọ̀. (Ẹ dákẹ́ pẹ́.)
Oṣù Kejìlá. Oṣù Kejìlá yìí náà ni. (Ẹ ka oókan dé eéjì.)
Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ó dàbọ̀ ná o.

Ẹ wò ó bí ó ṣe kúrú tó. Kò kó ayọ̀, ìfọ̀kànbalẹ̀ àti àlàáfíà tí ó péye jọ sínú àwo kan. Àdúrà mẹ́ta péré ni ó ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo ti yọ "mo fi àsìkò yìí" kúrò, nítorí pé kò sí ọmọ tí í sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá tí ó bí i. Ọ̀rọ̀ alága ìjókòó ni. Mo sọ "kí ó sì jẹ́ kí ẹ ṣe" di "ẹ ó ṣe", mo sì sọ "èmi àti ọkọ mi àti àwọn ọmọ" di bí a ti í sọ ọ́ nínú ilé, nítorí pé ẹnu wa máa ń gé fáwẹ́lì jẹ, ó ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ pe gbogbo rẹ̀ bí ó ti wà nínú ìwé yóò dún bí ọmọ iléèwé tí tíṣà dúró tì. Ta ni ó ń sọ "ẹ kú àárọ̀" lẹ́nu? "Ẹ káàárọ̀" ni gbogbo wa ń wí. Bí ẹnu ti ń pè é ni kí a kọ ọ́ sórí bébà.

Ìròyìn ni mo fún ní ààyè jù. Mo yà á kúrò lára àdúrà, mo fi "ó ku ọ̀rọ̀ kan" ṣe agogo fún un kí gbogbo ẹni tí ń ṣe Àmín lè pa ẹnu mọ́, mo sì sọ bíbọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì àti oṣù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé bí ìyá bá gbọ́ "à ń bọ̀", kò ní í gbọ́ ohun mìíràn fún ìgbà díẹ̀. Mo mọ̀ pé yóò pariwo. Ìdákẹ́ tí ó tẹ̀ lé e kì í ṣe ti Àmín, ti ariwo ni.

A gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ti àkọ́kọ́, bébà wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ìlà sì ń wálẹ̀ ní ìparí rẹ̀ bákan náà, gẹ́gẹ́ bí ìró ẹni tí ń ka ìwé ìpè àpèjẹ. Àmì tí a fi ń mọ ẹni tí ń kàwé nìyẹn. Mo ní kí ó kà á lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ó ká bébà náà, kí ó sì jókòó lé e. Ní ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, "Màámi" di "àámi", nítorí pé ó bẹ̀rẹ̀ bí ìka rẹ̀ ti kan bọ́tìnì. Kí ènìyàn kọ́kọ́ gbé itọ́ mì, kí ó tó la ẹnu, kí ó sì mí lẹ́ẹ̀kan kí ó tó gbé ìka kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ "o" ìparí yóò bá ọ̀nà lọ. Ní ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, fóònù sún mọ́ ẹnu rẹ̀ jù, gbogbo "b" àti "p" ń bú gbàmù. Ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan sí ẹnu, kí ó sì yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ni ó tọ́.

Ṣáájú ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni mo sọ ohun kan tí ó bà á lẹ́rù díẹ̀. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ń sọ pé o wà lórí ìkúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì ni o wà." Ó dákẹ́. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, mo gbọ́ pé ilẹ̀ ni ohùn náà ti ń bọ̀, ó sì ti rọ̀ bí àgbàdo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná. Obìnrin tí ó kúnlẹ̀ tí ó nàró láti ìbàdí sókè lè mí dáadáa. Ọkùnrin ni n kò jẹ́ gbà kí ó dọ̀bálẹ̀ gba ohùn sílẹ̀, nítorí pé àyà tí a fi lélẹ̀ kì í jẹ́ kí èémí jáde. Kí ó dọ̀bálẹ̀ ná, kí ó sì dìde sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tí ì bá parí ní ìdajì ìṣẹ́jú gba ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 14. Ó kọ́kọ́ fẹ́ ṣe àròyé pé ó ti gùn jù. Mo ní kí ó fi ránṣẹ́ sí ara rẹ̀, kí ó gbé fóònù náà sórí tábìlì, kí òun rìn lọ sí ìdí sínkì kí ó máa fọ abọ́, kí ó sì máa dáhùn sókè bí ìyá rẹ̀ yóò ti dáhùn. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá kọlu ọ̀rọ̀ tí ó kàn, ibẹ̀ ni kí ó fi kún. Bí ó bá ti dáhùn tán tí ó ń dúró, ibẹ̀ ni kí ó gé. Ibì kan ṣoṣo ni ó gé, lẹ́yìn "ẹ kú ìyèdún".

Ohun kan wà tí ọgbọ́n yìí kò lè ṣe. Láti ọdún 2021 ni Wasáàpù ti fi bọ́tìnì sí i tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn fi 1.5× tàbí 2× gbọ́ ohùn, àwọn ọ̀dọ́ inú ìdílé a sì máa tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n bá ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ní 2×, àyè Àmín yóò di ìdajì, ìyá wọn yóò sì máa sáré tẹ̀ lé ohùn bí ẹni tí ọkọ̀ ń fi sílẹ̀. Mo ti kọ́ láti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ tí ó di fóònù mú kí ohùn tó dé, pé kí ó má tẹ ohunkóhun. Bí ó bá sì jẹ́ pé inú ẹgbẹ́ ìdílé ni ohùn ń lọ, níbi tí ènìyàn ogójì yóò ti gbọ́ ọ ní ibi ogójì, mo máa ń gé àdúrà kù sí ẹyọ kan, kí àyè má baà pọ̀ lójú àwọn tí kò dáhùn.

Ní òwúrọ̀ Ojúde Ọba, ọmọ-ọmọ náà gbé fóònù sórí àga ní pálọ̀, ó sì fi fóònù mìíràn gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ bí ó ti ń gbọ́ ti ọmọ rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Peckham, wọ́n sì jẹ́ kí èmi náà gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín níbi tí a ní kí ó ti rẹ́rìn-ín. Àmín mẹ́ta bọ́ sí àyè wọn, ìkankan kò gun orí ọ̀rọ̀. Níbi "dìde, ọmọ mi" nìkan ni mo ti ṣìnà: kò ní kí ó dìde. Ó ní kí ó dúró lórí ìkúnlẹ̀ náà ná, òun fẹ́ súre fún un.